"Mo" nínú pírójẹ́ẹ̀tì: ìgbà tó yẹ, àti ohun tó ń lé ojúsàájú lọ gan-an

Ní ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì l'Ékòó, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "mo" sínú pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀, bírò pupa ni súpáfáísọ̀ máa fi yí i ká, wọ́n á ní kó lọ fi "olùṣèwádìí náà" dípò ẹ̀, torí iṣẹ́ ìwádìí ò gbọdọ̀ ní ojúsàájú. Ojúsàájú yẹn sì wà lóòótọ́ o, àmọ́ inú ìpinnu téèyàn ṣe tí ò jẹ́ kí ẹlòmíì rí ló máa ń sá pa mọ́ sí, kí "mo" wà níbẹ̀ tàbí kó má sí.

Ìwé ìlànà APA tí ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì ń tẹ̀ lé, ẹ̀dà keje tó jáde ní ìparí 2019, sọ ọ́ gbangba pé tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ṣiṣẹ́, kó kọ "mo", tí wọ́n bá pọ̀, kí wọ́n kọ "a". Ìdí ni pé tí wọ́n bá kọ "olùkọ̀wé náà", ẹni tó ń kà á lè má mọ̀ bóyá ẹni tó ni pírójẹ́ẹ̀tì ni àbí ẹni tó tọ́ka sí ní ìlà tó ṣáájú. Àwọn sáyẹ́ǹtíìsì gan-an ń lò ó tipẹ́, bébà tí Watson àti Crick fi kéde bí DNA ṣe rí nínú jọ́nà Nature ní 1953, "a" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń yanjú bóyá "mo" yẹ níbì kan ni pé: tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣe é, ṣé èsì ẹ̀ lè yí padà? Tí wọ́n bá gbé omi kaná dé 80°C nínú láàbù, kò kan ẹnikẹ́ni ẹni tó tan iná, ẹ yọ èèyàn kúrò nínú gbólóhùn yẹn. Àmọ́ ẹni tó yan àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú èsì, ó gbọ́dọ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Akoka tó ń wádìí ìdí táwọn aláṣọ ní Balógun ò fi ń gba tránsífà, tó kọ ọ́ sí orí kẹta pé "wọ́n yan ogójì ọlọ́jà láìsí ojúsàájú kankan." Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé: "Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù màmá mi, mo ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò yẹn, èèyàn 52 ni mo bá sọ̀rọ̀, 12 kọ̀ pé ọjà ń dí àwọn lọ́wọ́." Gbólóhùn yìí kún fún "mo", síbẹ̀ òun ló jẹ́ ká rí i pé àwọn tó mọ màmá ẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, pé wọ́n lè má sọ òótọ́ tó bá kan màmá ẹ̀, àti pé àwọn tó kọ̀ lè jẹ́ àwọn tọ́jà wọn ń yá jù. Ìyẹn ni ẹlòmíì á fi mọ ibi tí èsì yẹn dé àti ibi tí ò dé.

Ó wá ku kíka ìdáhùn. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan ló pinnu pé "ìbẹ̀rù alẹ́ẹ̀tì fẹ́èkì" ló wà nínú ìdáhùn kan, ohun tó ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ló máa rí. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n kọ ìtumọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kejì tí ò mọ ohun tí wọ́n ń retí náà ka gbogbo ogójì ọ̀hún lọ́tọ̀. Ká ní wọ́n fẹnu kò lórí 34, ìyẹn 85%. Ó pọ̀ lójú, àmọ́ tí kálukú wọn bá pe 24 nínú ogójì ní "bẹ́ẹ̀ ni", bí wọ́n tiẹ̀ kàn ń méfò, wọ́n á bára mu ní nǹkan bíi 52%, ìyẹn 0.6 × 0.6 + 0.4 × 0.4. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní kápà, tí Jacob Cohen gbé jáde ní 1960, ló ń yọ méfòméfò yẹn kúrò:

```
(0.85 - 0.52) / (1 - 0.52) = 0.69
```

Ó dáa díẹ̀, kò tíì pé. Mẹ́fà tí ò bára mu yẹn, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀. Kápà ò sì lè gbà wọ́n o tó bá jẹ́ pé àṣìṣe kan náà làwọn méjèèjì jọ ń ṣe.

"Mo" tí ò dáa ni èyí tó wá gbapò ẹ̀rí: "mo gbà pé àwọn ọlọ́jà ò fọkàn tán báǹkì." Pa "mo gbà pé" rẹ́, ó ṣì jẹ́ èrò lásán, fífi "olùṣèwádìí náà" rọ́pò ẹ̀ náà ò sọ ọ́ di ẹ̀rí. Kó sọ iye ọlọ́jà tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n. "A" tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò bíi kábíyèsí náà ń da òǹkàwé rú, àti "a" tó ń túmọ̀ sí gbogbo ayé, bíi "a mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn owó lọ́wọ́." Ta ló mọ̀?

Tí súpáfáísọ̀ bá wá fárí gá pé òun ò fẹ́ rí "mo" láéláé, ẹ má bá wọn jà, dìpátímẹ́ǹtì ló ní ìlànà. Ẹ kọ "olùṣèwádìí náà bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ̀", kí èèyàn 52 àti àwọn 12 tó kọ̀ ṣì wà níbẹ̀ pé pérépéré.