Bí dáàṣì gígùn ṣe di àmì tí a fi ń fura sí ìwé ẹ̀rọ

Ọwọ́ àwọn atẹ̀wé ni dáàṣì gígùn, ìyẹn àmì “—”, ti wá. Nígbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà òjé to ọ̀rọ̀, gíga lẹ́tà ni wọ́n fi ń wọn ìbú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́tà pọ́íǹtì 12 a máa ní dáàṣì tó fẹ̀ tó pọ́íǹtì 12. Àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀. Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1886, lò ó nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ débi pé àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ewì rẹ̀ jáde ní 1890 yọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò.

Táípúráítà ló sọ àmì yìí di àjèjì lọ́wọ́ àwa tí a kì í ṣe atẹ̀wé. Kò ní bọ́tìnnì fún un, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ a tẹ ìlà kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà jogún àìní yìí, torí ìlà kúkúrú kan ṣoṣo ló wà nínú ASCII ti 1963, àtòjọ àmì tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń lò. Unicode, àtòjọ tó gbòòrò jù ú lọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, fún dáàṣì gígùn ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+2014, síbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ṣe ni o máa tẹ ìlà kúkúrú mọ́lẹ̀ kí ó tó yọjú. Ẹni tó ń kánjú kọ lẹ́tà yóò fi kọ́mà ṣe é.

Ní 30 Oṣù Kọkànlá 2022 ni ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ̀wé, jáde. Lára ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi kọ́ṣẹ́ ni ìwé títẹ̀ tí dáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní ìka tí bọ́tìnnì lè yọ lẹ́nu. Ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń yàn, dáàṣì kò sì nira fún un ju kọ́mà lọ. Bí àmì àwọn atẹ̀wé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ìwé àwọn tí kò tẹ̀ ẹ́ rí nìyẹn.

Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Oúnjẹ yìí kò gba owó púpọ̀ — sùúrù ló gbà.

Yorùbá tó ń sọ tẹnu rẹ̀ yóò ní, “Oúnjẹ yìí kò gba owó púpọ̀, àmọ́ ó gba sùúrù.” Dáàṣì ti gba ipò “àmọ́”, níbòmíràn a gba ipò “torí” tàbí “ìyẹn ni pé”. Bí ọ̀rọ̀ asopọ̀ bá ń pòórá báyìí láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀, ìfura yẹ. Kólọ́nù tó gé gbogbo àkọlé sí méjì ọgbọọgba, bí “Àmàlà: Oúnjẹ Iyì”, jọ ọ́. Sẹmikólọ́nù náà, tí atẹ̀wé Aldus Manutius tẹ̀ ní Fẹ́nísì ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ń jìyà ìfura kan náà.

Ó dùn mí bí wọ́n ṣe ń torí àmì yìí nìkan pe akẹ́kọ̀ọ́ ní olè, nígbà tó jẹ́ pé Microsoft Word fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìlà kúkúrú méjì di dáàṣì gígùn. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, Sam Altman, ọ̀gá OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, kéde pé bí ènìyàn bá ti pàṣẹ fún ChatGPT pé kó má lo dáàṣì, yóò gbọ́. Láti ìgbà náà, àìsí rẹ̀ pàápàá kò fi ẹnikẹ́ni hàn bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé.