Wọ́ràntì, Májẹ̀mú àti Àyọsílẹ̀: Bí Lẹ́tà Adójútòfò Ṣe Ń Da Wọ́n Pọ̀

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń jáde nínú lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń kọ̀ láti san owó òfò, èyí ni pé oníbàárà "rú àyọsílẹ̀" inú ìwé àdéhùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè rú àyọsílẹ̀. Gbólóhùn tí ó sọ irú òfò tí adójútòfò kò ní san ni àyọsílẹ̀, kò pàṣẹ ohunkóhun fún oníbàárà. Ibi tí ààbò parí sí ni ó ń fi hàn, bí ògiri ṣe ń fi ibi tí agbo ilé parí sí hàn. Bí ewúrẹ́ bá sọnù lẹ́yìn ògiri, onílé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọlọ́dẹ náà kò sì jẹ gbèsè, nítorí inú ọgbà nìkan ni wọ́n sanwó fún un láti ṣọ́. Bí ìwé ìdójútòfò iná bá yọ òfò rògbòdìyàn ìgboro sílẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù sì jóná nínú rẹ̀, àdéhùn ṣì wà láàyè fún òfò mìíràn lọ́la. Adójútòfò ni yóò sì mú ẹ̀rí wá pé ohun tí ó yọ sílẹ̀ ni ó fa iná náà.

Wọ́ràntì yàtọ̀ pátápátá, nítorí ẹ̀jẹ́ ni oníbàárà jẹ́ pé òun yóò ṣe nǹkan kan tàbí pé ọ̀ràn kan yóò máa rí bí òun ti sọ. Ní ọdún 1786, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé yóò kúrò ní Lífápúù pẹ̀lú èèyàn 50 ó kéré tán. Èèyàn 46 ni ó gbé kúrò níbẹ̀, ó sì gba mẹ́fà kún un ní erékùṣù Áńgùlísì láàárín wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀tá gba ọkọ̀ náà lójú òkun, níbi tí iye èèyàn inú rẹ̀ ti pé dáadáa, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní kí oníbàárà dá owó òfò tí adójútòfò ti san kí ó tó mọ̀ padà fún un. Òfin tí ó lè fi àìpé wákàtí mẹ́fà gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ èèyàn ti le jù, òun ni ó sì mú kí abala 55 Òfin Ìdójútòfò Nàìjíríà ti ọdún 2003 sọ pé rírú wọ́ràntì tàbí májẹ̀mú kò gba adójútòfò sílẹ̀ àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ewu tàbí òfò tí wọ́n dójú tì, tí rírú rẹ̀ sì jẹ́ jìbìtì tàbí kan ìpìlẹ̀ àdéhùn. Òfin tuntun ti ọdún 2025 ti rọ́pò ti 2003, nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí ó de àdéhùn tí ó wà níwájú rẹ̀.

Májẹ̀mú ni ó máa ń kan ìgbésẹ̀: ìgbà tí a ó fi òfò tó adójútòfò létí àti ìwé tí a ó kó sílẹ̀. Rírú rẹ̀ lè ba ìbéèrè kan jẹ́ láì ba àdéhùn jẹ́, pàápàá bí ìwé náà bá sọ pé láìṣe é, a kò ní san ohunkóhun. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ìdádúró náà fi ṣe adójútòfò léṣe nìkan ni ó lè béèrè.

Ká gbà pé oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Wuse ní Àbújá dójú ti ọjà mílíọ̀nù 12 náírà, iná sì jó mílíọ̀nù márùn-ún nínú rẹ̀, láti ara wáyà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn sọ pé kí ó fi tó wọn létí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ogójì ọjọ́ ni ó lò. Wọ́n tún rí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ nígbà àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní kó epo síbẹ̀. Lẹ́tà tí ó wá ni: "Nítorí pé ẹ rú àyọsílẹ̀ ìfitónilétí, àdéhùn yín ti di asán láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìfitónilétí kì í ṣe àyọsílẹ̀, májẹ̀mú ni. Sísọ àdéhùn di asán láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó parọ́ tàbí tí ó fi òtítọ́ pamọ́ nígbà tí ó ń rà á. Wọ́ràntì tí a rú pàápàá, ọjọ́ tí a rú u ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣiṣẹ́, kì í padà sẹ́yìn. Bí àdéhùn bá sì jẹ́ asán láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tí oníṣòwò san láti rà á yóò máa wá ọ̀nà padà, ohun tí akọ̀wé lẹ́tà náà kò rò rárá. Èyí tí ó burú jù ni pé lẹ́tà náà kò dárúkọ epo bẹntiróòlù, ìyẹn ọ̀rọ̀ wọ́ràntì. Bí agbẹjọ́rò adójútòfò bá gbé e jáde níwájú adájọ́ lẹ́yìn ọdún kan, wọn yóò bi í pé kí ló dé tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà àyẹ̀wò tún ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láìsọ nǹkan kan, àti pé kí ni epo náà ṣe nínú iná tí ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn wá.

Lẹ́tà tí ó dára yóò kọ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ gbólóhùn náà gan-an bí ó ṣe wà nínú ìwé, yóò sọ irú èyí tí ó jẹ́, yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, yóò sì fi àbájáde mọ sí ibi tí gbólóhùn náà dé: "a kò san ìbéèrè yìí, àdéhùn yín ṣì ń bá a lọ." Bí ìwádìí kò bá tíì parí, yóò fi kún un pé yíyẹ òfò wò kò túmọ̀ sí pé adójútòfò ti gbà láti san, kí ó tó rán ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà.