Kí ló dé tí jọ́ọ̀bù oníṣẹ́jú márùn-ún fi ń sanwó ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì?

Ká ní ọ́fíìsì kan wà ní Yàbá tó ń bá àwọn oníṣòwò Balógun tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí kọ́sítọ́mà bá ti sanwó, owó oníṣòwò á wọ dátábéèsì, wọ́n á kọ `ko_tii` sí i lára, torí wọn ò tíì san án fún un. Ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, `cron`, ètò tó ń gbé iṣẹ́ dìde lórí sáfà lásìkò tí wọ́n bá dá fún un, á gbé jọ́ọ̀bù kan dìde, jọ́ọ̀bù yẹn á ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣì wà ní `ko_tii`, á wá máa fowó ránṣẹ́ sí báńkì wọn níkọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe ń rán ti ẹnìkan tán ló ń yí i sí `a_ti_san`.

Aago nìkan ni `cron` ń wò o. Kì í bèèrè bóyá èyí tó gbé dìde lẹ́ẹ̀kan ti parí, bí àkókò bá ti tó, á gbé òmíràn dìde, ti àkọ́kọ́ ì báà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, aago 5:00, èèyàn 120 ń retí owó. Lọ́jọ́ tó dáa, sẹ́kọ́ńdù 1 ni báńkì fi ń dáhùn lórí ẹnìkan, ìṣẹ́jú 2 péré, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n báńkì ń fà lọ́jọ́ yìí, sẹ́kọ́ńdù 4 ló ń gbà, ìṣẹ́jú 8 ni gbogbo ẹ̀ máa gbà nìyẹn. Nígbà tó máa fi di 5:05, ó ti san ti èèyàn 75, ó ku 45. `cron` wá gbé ìkejì dìde, òun náà ka dátábéèsì, ó rí àwọn 45 yẹn ní `ko_tii`, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkọ́kọ́ ti ka orúkọ àwọn kan náà sórí láti 5:00, kò sì ní padà lọ wò bóyá nǹkan ti yí. Èèyàn 45 gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ìparí ni wọ́n tó ń yí gbogbo ẹ̀ sí `a_ti_san` pọ̀ ni, gbogbo àwọn 120 ni ìkejì ì bá tún rí. Inú lọ́ọ̀gì tí jọ́ọ̀bù ń kọ iṣẹ́ ẹ̀ sí lẹ ti máa rí i: nọ́mbà pírọ́sẹ́ẹ̀sì méjì, ọ̀kan fún jọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, tó lọ́ mọ́ra wọn lásìkò kan náà.

Lọ́ọ̀kì ló ń dá a dúró, ìyẹn àmì tí jọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan, tí òmíràn ò fi ní lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kí jọ́ọ̀bù wò bóyá fáìlì kan wà, tí kò bá sí kó dá a sílẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí àwọn méjì lè wò lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n bá a pé kò sí, tí sáfà bá sì kú láàárín iṣẹ́, fáìlì yẹn á wà níbẹ̀, kò sí jọ́ọ̀bù tó máa lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ẹnìkan á fi lọ pa á rẹ́. Lórí Linux, `flock` ló dáa:

```
*/5 * * * * flock -n /tmp/sanwo.lock /opt/sanwo.sh
```

Kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra ẹ̀, ló ń di lọ́ọ̀kì yìí mú, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń fún, tí pírọ́sẹ́ẹ̀sì bá sì kú, á gbà á padà. `-n` túmọ̀ sí pé tí lọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, má dúró dè é, kúrò níbẹ̀. Ti 5:05 á kúrò láì ṣe nǹkan kan, àkọ́kọ́ á parí ní 5:08, ti 5:10 á wá kó àwọn tó bá tún wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ sí lọ́ọ̀gì nígbà tó bá kúrò bẹ́ẹ̀ o, torí tí àkọ́kọ́ bá há pátá, gbogbo àwọn tó kù á máa kúrò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn ará Balógun ò ní rówó gbà, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀.

Orí sáfà kan ṣoṣo ni `flock` yìí ti ń ṣiṣẹ́. Tí sáfà bá di méjì, ẹ gbé lọ́ọ̀kì lọ sínú dátábéèsì, kí jọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gba orúkọ kan, kó yí i sí `n_san`, kó tó sanwó ẹ̀:

```
UPDATE owo SET ipo='n_san'
WHERE id=76 AND ipo='ko_tii';
```

Tí dátábéèsì bá ní ìlà 1 ló yí, tìẹ ni, máa san án. Tó bá ní 0, ẹlòmíì ti gbà á, fò ó.

Ó ku ibì kan tí lọ́ọ̀kì ò dé. Ká ní báńkì ti sanwó tán, iná wá lọ kí jọ́ọ̀bù tó kọ `a_ti_san`. Owó ti lọ, àmọ́ dátábéèsì ò mọ̀, ẹni tó bá padà wá tún àwọn tó há sí `n_san` ṣe lè tún un san. Ẹ fi nọ́mbà ìsanwó fúnra ẹ̀, bíi `sanwo-76`, ránṣẹ́ sí báńkì gẹ́gẹ́ bíi rẹ́fúréǹsì, ẹ má fi àkókò tàbí nọ́mbà tó ń yí padà ṣe é, kí báńkì lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, kó má sì san án lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá ó máa ń dá rẹ́fúréǹsì tó ti rí tẹ́lẹ̀ padà láì san án, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.