Iná kọ́ ló ń ti bàlúùnù sókè, èéfín náà sì kọ́

Bí fídíò bàlúùnù ńlá tí èèyàn ń wọ̀ bá ti dé orí fóònù níbùdó àwọn onízẹ̀mí ní Àjàṣẹ́, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan á ní iná tó ń jó lábẹ́ àpò náà ló ń tì í lọ sókè. Àwọn mìíràn á ní èéfín ni, ṣebí èéfín kì í wálẹ̀. Ẹnì kan ò sì ní ṣaláì sọ pé ohun tí kò ní ìyẹ́ kò lè fò, pé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí òyìnbó fi pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iná. Òkè ni iná náà kọjú sí, ó ń jó wọ ẹnu àpò. Bó bá jẹ́ pé ó ń ti nǹkan ni, ilẹ̀ ni ì bá ti apẹ̀rẹ̀ àwọn èrò mọ́. Awakọ̀ a sì tún máa pa iná ọ̀hún lókè, bàlúùnù kò sì ní já bọ́.

Ti èéfín ni mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, torí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bàlúùnù náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1783, nílẹ̀ Faransé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Montgolfier ń sun koríko tútù àti irun àgùntàn kí èéfín lè pọ̀ dáadáa. Ní 21 oṣù kọkànlá ọdún náà, èèyàn méjì wọ bàlúùnù wọn ní Párísì, wọ́n sì fò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá èéfín wọlé ló gbé wọn, èéfín kàn jẹ́ ẹrù ni. Gáàsì tí wọ́n ń sun lónìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èéfín rárá, bàlúùnù sì ń gòkè.

Kí ló wá ń gbé e? Ẹ ti akèrègbè òfìfo bọ inú ọ̀sà, kí ẹ sì fọwọ́ sílẹ̀. Kò ní ìyẹ́, kò sì ní iná, síbẹ̀ ó ta sókè, torí omi tó wúwo jù ú lọ ló ń tì í. Afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo. Bí a bá ṣe àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ́sàn-án 30°C yóò tó kílò 1.16. Bí a bá mú un gbóná dé 100°C, afẹ́fẹ́ náà á fẹ̀, apá kan á jáde, èyí tó kù nínú àpótí kò ní ju kílò 0.95 lọ.

Ẹ wá mú bàlúùnù kan tó gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ 2,200. Lọ́sàn-án ní Kétu, afẹ́fẹ́ òde tó gba àyè kan náà wúwo tó kílò 2,560, ti inú àpò sì jẹ́ 2,080. Ìyàtọ̀ náà, kílò 480, ni bàlúùnù lè gbé. Bí àpò, apẹ̀rẹ̀, iná àti ìgò gáàsì bá jẹ́ 300, èèyàn méjì ló kù tó lè gùn ún. Ní àárọ̀ ọyẹ́ ní Sábẹ̀ẹ́, tí òde bá jẹ́ 20°C, agbára náà á di nǹkan bí 570, ẹnì kẹta á sì ráyè. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń fò láàárọ̀ kùtù. Kò ṣeé ṣe láti kàn fi ooru kún ooru, torí náílọ́ọ̀nù àpò náà á bàjẹ́ bó bá gbóná jù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fa okùn kan tó ń ṣí òkè àpò, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde.

Àvíọ̀n ló nílò ìyẹ́, torí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ máa sáré kí ìyẹ́ rẹ̀ lè máa ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀. Bàlúùnù lè dúró gbagidi, kó má sì jábọ́.

Dìríjábù, ọkọ̀ òfurufú gbọọrọ tó ní ẹ̀ńjìnnì, gáàsì hélíọ́mù tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ ló ń gbé e lónìí. Àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Zeppelin ní egungun irin fúyẹ́ nínú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀. Èyí tí kò ní egungun, bí gáàsì inú rẹ̀ ṣe ń mú kí ara rẹ̀ le ni kò jẹ́ kó tẹ̀. Àpò kéékèèké tó kún fún afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀. Bó bá ń gòkè, hélíọ́mù ń fẹ̀, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, hélíọ́mù ń sún kì, wọ́n á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú àwọn àpò náà. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ á rọ̀, imú rẹ̀ á sì tẹ̀ wọlé nígbà tó bá ń sáré. Bó bá gòkè débi tí àwọn àpò náà ti ṣófo tán, hélíọ́mù fúnra rẹ̀ ni wọ́n á máa tú dànù, owó ńlá sì ni.

Ohun pẹlẹbẹ tó wà nídìí rẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní ìyẹ́, ìtọ́kọ̀ ni. Bí ẹ̀ńjìnnì bá kú, ìtọ́kọ̀ náà kò wúlò mọ́, atẹ́gùn á sì máa gbé ọkọ̀ náà lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n òkè náà ló ṣì wà.