Mẹ́mò owó àfikún láàárín ọdún: ibi tí ojú ìgbìmọ̀ ìṣúná máa ń wà

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ba ọ̀pọ̀ mẹ́mò jẹ́: pé kí olórí ẹ̀ka bù lé iye tó fẹ́ béèrè, torí ìgbìmọ̀ ìṣúná yóò gé e ní dandan. Mílíọ̀nù márùn-ún ló nílò, mẹ́jọ ló kọ. Àṣà yìí kò dára rárá, ó sì ń pa àwọn tó ń dá a lára. Iye tí ìgbìmọ̀ kò bá rí orísun rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé. Èyí tó bá ní ìṣirò lẹ́yìn, ó ṣòro fún wọn láti fọwọ́ kàn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní Báńdì A ní Nàìjíríà fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n dín in kù sí ₦206.80. Ká sọ pé yàrá àyẹ̀wò kan wà nílé ẹ̀kọ́ gíga kan, tó ní mítà tirẹ̀, tí àwọn firíìsà rẹ̀ ń jẹ 4,000 yúníìtì lóṣù. ₦68 ni wọ́n fi ṣètò ìṣúná ọdún náà, nítorí náà ₦3,264,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iná. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa parí, ₦720,800 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà nìkan yóò gba ₦827,200. Láti oṣù kẹfà dé ìparí ọdún, ₦5,790,400 ni. Yọ èyí tó kù nínú rẹ̀, ohun tó sì ń wọ́n ẹ̀ka náà ni ₦5,069,600.

Báọ́sà wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ìwé owó níwájú rẹ̀, kò sì ní gba ìṣẹ́jú méjì kó tó fi 4,000 lọ́po ₦206.80. Bí mẹ́mò bá sọ mílíọ̀nù mẹ́jọ, wọn kò ní kàn yọ mẹ́ta kúrò kí wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tó kù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí 4,000 náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní kí olórí ẹ̀ka lọ kó àkọsílẹ̀ mítà oṣù méjìlá wá, ọ̀rọ̀ á sì di ìpàdé tó ń bọ̀. Níbi tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó, iná ti lè kú lórí firíìsà kí wọ́n tó tún pàdé.

Àjọ tí àwọn ìyá wa máa ń dá ni nǹkan yìí jọ jù. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní oṣù karùn-ún lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún un lówó ṣáájú ìgbà tó kàn án, ṣùgbọ́n kò sí owó kan nínú àjọ tí kò ní ẹni tó ni ín. Ẹkún òrùlé kò tó. Ó ní láti dárúkọ ẹni tí yóò yẹ̀ fún un, kí ó sì ti bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ kí ó tó dé iwájú olórí àjọ. Bí olórí àjọ bá fi àánú fún un láìbéèrè, ẹni tó kàn á dé lóṣù náà, á bá àpò òfìfo.

Ibi tí mẹ́mò ti ń gbóná nìyí: olórí ẹ̀ka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá inú ilé tirẹ̀. Ká ní ₦1,100,000 kù nínú owó ìrìn àjò rẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ₦1,100,000 ló lè gbé sínú owó iná. Àmọ́ ó ti fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn olùkọ́ méjì yóò lọ sí ìpàdé kan lóṣù kẹsàn-án, ₦600,000 nínú rẹ̀ sì ti di tiwọn bí wọn kò tilẹ̀ tíì gbà á. ₦500,000 ló lè gbé. Àìyọ irú owó tí a ti ṣèlérí yìí kúrò ló máa ń tú àṣírí mẹ́mò, torí báọ́sà ní ẹ̀dà lẹ́tà náà.

Gbígbé owó láti àpò kan sí òmíràn kò fi kọ́bọ̀ kún ìnáwó ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ìyẹn kì í fa àríyànjiyàn. ₦4,569,600 tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ₦500,000 náà kúrò nínú ₦5,069,600 ni owó tuntun, orí rẹ̀ sì ni ìjókòó máa ń gùn sí: ṣé owó ilé ẹ̀kọ́ wọlé ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àbí ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Àléébù ètò náà wà níbí. Ẹ̀ka tó fara balẹ̀ náwó ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń sáré ná tiwọn tán kí oṣù kẹfà tó dé.

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó dára kó jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tú owó náà sílẹ̀, torí iye owó iná ṣì lè yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án, olórí ẹ̀ka yóò mú àkọsílẹ̀ mítà wá kó tó gba èyí tó kù.