Ife omi mẹ́jọ lójúmọ́: ṣé tíì, ọbẹ̀ àti èso kò sí nínú ìṣirò ni?

Ní ọdún 1945, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lábẹ́ Àjọ Ìwádìí Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bíi lítà 2.5 omi ló tó àgbàlagbà lójúmọ́. Kò jìnnà síbẹ̀ nínú ìwé kan náà tí wọ́n fi sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi ọ̀hún ti wà nínú oúnjẹ. Ó jọ pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn gbé sá lọ. Wọ́n bù ú sí ife, ó di mẹ́jọ, ó di òfin, wọ́n tún wá fi kún un pé omi lásán nìkan ló wúlò. Nígbà tó di ọdún 2002, Heinz Valtin, onímọ̀ nípa kíndìnrín, tú àwọn ìwé ìwádìí wò bóyá ẹ̀rí wà fún ife mẹ́jọ yìí fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í ṣiṣẹ́ agbára nínú ooru. Kò rí ọ̀kankan.

Ara kì í ka ife. Ohun tó ń wọ̀n ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, ìyẹn bí iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn ṣe pọ̀ tó nínú omi rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó máa ń sún kì bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ki. Kó fi ìdá kan tàbí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀, wọ́n ti mọ̀, wọ́n á sì tú họ́mónù tó ń jẹ́ fasopirẹ́sìn jáde pé kí kíndìnrín má ṣe fi omi ṣòfò mọ́. Bó bá tún ki sí i díẹ̀, òùngbẹ á dé. Àwọn tó ń sọ pé bí òùngbẹ bá ti gbẹ èèyàn, omi ti tán lára rẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa láìmọ̀. Òùngbẹ máa ń dé ṣáájú kí nǹkan tó bàjẹ́.

Iṣẹ́ kíndìnrín gan-an ló yani lẹ́nu. Láàárín wákàtí 24, ó ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ju bíi lítà mẹ́ta lọ. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ tún yàrá rẹ̀ ṣe, tí kò yọjú wo abẹ́ ibùsùn láti wá ìdọ̀tí kiri. Gbogbo ẹrù yàrá ló kó síta, ó wá ń gbé èyí tó fẹ́ wọlé padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ wàhálà asán, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: onílé yìí kò nílò kó mọ orúkọ gbogbo pàǹtírí tó lè wọ yàrá, ohun tirẹ̀ nìkan ló yẹ kó dá mọ̀. Èyí tí kò dá mọ̀, ìta ló máa sùn. Omi ni ẹrù tó ń kó wọlé padà jù, ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Fasopirẹ́sìn ló sì ń pinnu ìwọ̀nba tó kù. Bó bá pọ̀, ìtọ̀ á kéré, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Bó bá kéré, ìtọ̀ á pọ̀, á mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ìtọ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ dín ju ìdajì lítà lọ lójúmọ́, torí omi ló ń gbé yúríà, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, àti iyọ̀ tó ṣẹ́kù jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí kò gbóná. Omi tó ń bá èémí àti awọ ara rẹ̀ lọ tó mìlílítà 800 lójúmọ́, ti ìgbẹ́ tó 150. Bó bá tọ̀ lítà kan ààbọ̀, èyí tó tu ara lára, àpapọ̀ á jẹ́ 2,450. Ní òwúrọ̀, ó jẹ búrẹ́dì ègé méjì àti ẹyin méjì: omi inú wọn á tó 105. Ó jẹ ìrẹsì abọ́ kan lọ́sàn-án, 200. Abọ́ ọbẹ̀ olómi kan, 270. Ọsàn kan àti ègé ńlá bàrà olómi, 385 lápapọ̀. Ife tíì méjì, 500. Ara fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣe bíi 250 nígbà tó bá ń jó oúnjẹ di agbára, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rárá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,710. Ohun tó kù kò ju ife omi mẹ́ta lọ. Ká tiẹ̀ ní kò mu ọ̀kankan, kíndìnrín rẹ̀ kàn máa dín ìtọ̀ kù ni, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tí àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fi sọ ní ọdún 2010 pé lítà 2 tó obìnrin, lítà 2.5 sì tó ọkùnrin, tí wọ́n sì ka omi inú oúnjẹ àti gbogbo ohun mímu mọ́ ọn.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan tíì ni pé ó ń mú èèyàn tọ̀ ju ohun tó mu lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: kaféènì máa ń mú kí kíndìnrín fi iyọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ níta, omi á sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba nǹkan bíi mìlígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí èyí tó hàn, ife tíì kan kì í sì í sábà ju 50 lọ. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣàyẹ̀wò 50 ọkùnrin tó ń mu kọfí, tó le ju tíì lọ. Wọ́n fún wọn ní ife mẹ́rin lójúmọ́, wọ́n tún fún wọn ní omi bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Omi ara wọn kò yàtọ̀.

Ti ọbẹ̀ ló gba ìṣirò, nítorí iyọ̀. Ká ní gíráàmù iyọ̀ méjì wà nínú abọ́ kan. Kíndìnrín lè kó o jáde pẹ̀lú mìlílítà 60 sí 110, ó sinmi lórí bí ìtọ̀ ṣe ki tó. Nínú 270 tí abọ́ náà mú wá, ó kéré tán 160 ló jẹ́ èrè. Omi òkun ni kò ní èrè: lítà kan rẹ̀ ní bíi gíráàmù iyọ̀ 35, kíkó ìyẹn nìkan jáde á gba lítà kan ó kéré tán, yúríà kò sì tíì rí nǹkan kan.

Àṣejù omi náà léwu, torí kíndìnrín kò lè tú ju nǹkan bíi lítà kan jáde ní wákàtí kan, èyí tó bá lé á sì dín bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Nígbà eré ọlọ́nà jíjìn, fasopirẹ́sìn á tún máa dí i lọ́wọ́. Nínú 488 sárésáré tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Máratọ́ọ̀nù Bọ́sítìnì ọdún 2002, 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, pàápàá àwọn tó wúwo sí i nígbà tí eré parí.

Òùngbẹ nìkan kò tó arúgbó, torí kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́. Ẹni tó ń làágùn gidi tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín rí sì gbọ́dọ̀ mu tó èyí tí yóò fi tọ̀ bíi lítà 2.5. Ti ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kùnà, dókítà ló ń pinnu. Fún àwọn yòókù, àwọ̀ ìtọ̀ ọ̀sán tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ dára. Ti òwúrọ̀ máa ń ṣú lọ́nàkọnà, ẹni tó bá sì gbé oògùn fítámì B mì, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí òdòdó kódà bí omi bá kún inú rẹ̀.