Kóòdù QR lórí ìwé ìléwọ́

Kóòdù QR jẹ́ àwòrán onígun mẹ́rin tí àwọn àpótí kéékèèké dúdú àti funfun para pọ̀ di, tí kámẹ́rà fóònù lè kà. Masahiro Hara àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Denso Wave, ní Jàpáànù, ló gbé e jáde ní ọdún 1994, kí wọ́n lè máa fi tọpa àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀. Lórí ìwé ìléwọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹni tó di ìwé mú lọ tààrà sí ibi tí oníṣòwò fẹ́ kó dé.

Bí àpótí ṣe tóbi tó

Bí àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó ló ń pinnu bóyá fóònù á rí kóòdù kà. Bí ọ̀rọ̀ inú kóòdù bá ṣe ń gùn sí i ni àpótí rẹ̀ ń pọ̀ sí i: kóòdù tó kéré jù ní àpótí 21 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi jù ní 177.

Ká mú oníṣòwò gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó fẹ́ pín ìwé ìléwọ́ fún àwọn àlejò Ojúde Ọba, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ó fẹ́ kí kóòdù náà ṣí Wasáàpù òun. Líǹkì rẹ̀ á rí báyìí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni yóò sì rọ́pò àwọn X:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX
```

Àmì 27 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá yan ìpele àtúnṣe Q, tó lè gba kóòdù là bí nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ tilẹ̀ bà jẹ́, àpótí 29 ni yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní mìlímítà 29, àpótí kan di mìlímítà kan, ó sì rọrùn fún kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo líǹkì gígùn tí àmì inú rẹ̀ tó 200, àpótí á di 57 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kódà ní ìpele M tí àtúnṣe rẹ̀ kéré sí ti Q. Ní àyè kan náà, àpótí kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ààbọ̀ mìlímítà lọ. Lórí bébà olówó pọ́ọ́kú, yíǹkì máa ń fọ́n díẹ̀. Àwọn dúdú á lẹ̀ mọ́ra, funfun àárín wọn á dí. Kíké líǹkì kúrú ló ń ṣàǹfààní jù fún irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ààlà funfun àti àwọ̀

Yí ká kóòdù, ó yẹ kí àyè funfun tó fẹ̀ tó àpótí mẹ́rin wà. Fún ti onígàrí yìí, mìlímítà 4 ni ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi gba mìlímítà 37. Àyè yìí ni àwọn ayàwòrán ìpolówó sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán aṣọ òkè kún, fóònù kò sì ní mọ ibi tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀. Dúdú tàbí aró tó kì lórí funfun dára. Yẹ́lò lórí funfun kò ní hàn, àwọn fóònù kan kì í sì í ka funfun lórí dúdú.

Ibi tí a gbé e sí

Ìwọ̀n kóòdù yẹ kó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó ṣe jìnnà tó sí ẹni tó ń kà á. Sẹ̀ǹtímítà 3 tó fún ìwé tó wà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gáréèjì ní Ṣàgámù, tí èrò á ti máa kà á láti mítà kan ààbọ̀, ó ní láti tó sẹ̀ǹtímítà 15. Kò gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ibi tí wọ́n á ti ká ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́nisọ́nà

Kóòdù tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sọ ohun tí ènìyàn á rí gbà. Gbólóhùn tó dára máa ń sọ ohun tí a ó ṣe àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e: “Fi kámẹ́rà fóònù yín wo àmì yìí, kí ẹ béèrè iye owó gàrí Ìjẹ̀bú lórí Wasáàpù.” “Ẹ kà á níbí” nìkan kò tó. Ó yẹ kí nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò ní dátà.

Títẹ̀ àti ìdánwò

Bí a bá fi àwòrán kóòdù ránṣẹ́ sí atẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lórí Wasáàpù, Wasáàpù máa ń fún un pọ̀, etí àpótí á sì ṣú. Ó sàn kí a fi PDF tàbí SVG ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Kí wọ́n tó tẹ púpọ̀, kí wọ́n tẹ ẹyọ kan lórí bébà tí wọ́n fẹ́ lò gan-an, kí wọ́n sì fi fóònù tó ti pẹ́ kà á, nínú oòrùn àti nínú iyàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Bí fóònù bá ní láti máa súnmọ́ ọn kó tún máa sún sẹ́yìn kó tó rí i, àpótí rẹ̀ kéré jù.